Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Yóò Dúró De Àárọ̀

Lóru ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà tí aago mọ́kànlá ti kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ìyá aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rán bọ́tìnì tó kẹ́yìn mọ́ bùbá léèsì kan. Alhaja tó ni aṣọ náà ní ìnáwó lọ́jọ́ kejì. Ó ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n jẹ́ kí òun mọ̀ bí aṣọ bá ti parí. Fóònù ti wà lọ́wọ́ ìyá, wọ́n sì ń wò mí.

"Ọmọ mi, bí mo bá fi ránṣẹ́ báyìí, màá jí arúgbó lójú oorun. Bí mo bá sì ní kó di àárọ̀, pẹ̀lú bó ṣe rẹ̀ mí yìí, mi ò ní tètè jí. Báwo ni ká ti ṣe é?"

Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ lóru yẹn, kí wọ́n wá ní kí fóònù fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé fóònù ti wá di ọmọ ọ̀dọ̀ tí èèyàn ń rán níṣẹ́ kó tó sùn ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ọ̀dọ̀ náà ni. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín níbí kò ju bí a ṣe ń rán ọmọ náà níṣẹ́ lọ, àti ohun tó lè mú kó má jẹ́ iṣẹ́ náà.

Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni mo ń sọ o, èyí tí ń lọ sí nọ́ńbà èèyàn láti inú fóònù Áńdírọ́ìdì. Ti WhatsApp yàtọ̀, a kò ní dé ibẹ̀ lónìí.

Ohun àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹ ó ti ṣe é. Lójú ọ̀pọ̀ fóònù Áńdírọ́ìdì, ẹ ó rí àmì aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n kọ Messages sábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Google ni, inú rẹ̀ la ó ti ṣiṣẹ́. Ọdún 2021 ni Google fi agbára láti dá àkókò fún àtẹ̀jíṣẹ́ sínú rẹ̀, fún fóònù tó ń lo Áńdírọ́ìdì 7 sókè. Nítorí náà, bí fóònù yín kò bá ti gbó jù, ó yẹ kó wà níbẹ̀. Bí kò bá dá yín lójú pé ti Google ni tiyín, ẹ lọ sínú Play Store, kí ẹ kọ Google Messages síbi ìwákiri. Bó bá ní Update, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà tiyín ti pẹ́ díẹ̀ nìyẹn. Bó bá ní Open, kò sí wàhálà. Bó bá ní Install, kò tíì sí lórí fóònù yín. Ẹ jẹ́ kó wọlé. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i, yóò bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí òun máa bójú tó àtẹ̀jíṣẹ́ yín, yóò sì lo ọ̀rọ̀ bíi Set default SMS app. Ẹ gbà fún un, nítorí pé ẹyọ kan ṣoṣo ni Áńdírọ́ìdì máa ń gbà láàyè láti ṣe iṣẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ yín àtijọ́ kò ní sọnù.

Ẹ tún wo aago fóònù yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí a rán níṣẹ́ aago mẹ́fà ààbọ̀, tí kò sì mọ aago, kò lè dé lásìkò. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kú pátápátá fún ìgbà pípẹ́ máa ń jí nígbà mìíràn pẹ̀lú ọjọ́ tí kò tọ́. Ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà System, lẹ́yìn náà Date & time, kí ẹ rí i pé ibi tí wọ́n kọ Set time automatically tàbí Automatic date & time sí wà ní títàn. Nẹ́tíwọ̀kì ni yóò máa sọ aago fún fóònù láti ìgbà náà lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá aránṣọ.

Wọ́n ṣí Messages, wọ́n wá orúkọ Alhaja láàárín àwọn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tó wà lójú fóònù, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tẹ Start chat tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ẹ wá orúkọ tàbí kí ẹ tẹ nọ́ńbà. Bí ojú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bá ti ṣí, ẹ ó rí àpótí gbọọrọ kan nísàlẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ lẹ ó kọ ọ̀rọ̀ yín sí. Ohun tí wọ́n kọ rèé:

Ẹ káàárọ̀ Alhaja. Aṣọ yín ti parí. Ẹ lè wá gbà á láàárọ̀ yìí kí aago mẹ́wàá tó lù.

Ẹ kíyè sí i pé "Ẹ káàárọ̀" ni wọ́n kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òru ni. Èmi ni mo rán wọn létí rẹ̀, torí "Ẹ kú alẹ́" ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Aago tí ẹni tí yóò kà á máa kà á ni ẹ ó fi kí i, kì í ṣe aago tí ẹ̀yin fi ń kọ ọ́. Bákan náà ni "lónìí" àti "lọ́la". Bí ẹ bá kọ "ẹ wá lọ́la" lóru ọjọ́ Ẹtì, tí ó sì balẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ọjọ́ Àìkú ni Alhaja yóò wá, lẹ́yìn tí ìnáwó ti parí.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti wà nínú àpótí, àmì bí ọfà yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Òun ni bọ́tìnì ìfiránṣẹ́. Kì í hàn nígbà tí àpótí bá ṣófo, nítorí náà ẹ má dààmú bí ẹ kò bá rí i kí ẹ tó kọ̀wé. Ní àwọn fóònù tó ń lo síìmù méjì, ẹ ó máa rí nọ́ńbà kékeré kan lára rẹ̀, 1 tàbí 2, tí ń sọ ìlà tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò gbà jáde. Ẹ fi ojú sí i, torí yóò di ọ̀rọ̀ owó láìpẹ́.

Ibí yìí ni ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti máa ń yọ̀ jù. Bí ẹ bá kàn fi ìka kan ọfà yẹn, tí ẹ sì gbé e kúrò kíá bí ẹ ṣe máa ń ṣe, àtẹ̀jíṣẹ́ ti lọ nìyẹn, Alhaja ti jí. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ fi ìka lé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ má gbé ìka kúrò. Ẹ kà á nínú yín: ení, èjì. Ojú fóònù yóò yí padà fúnra rẹ̀, àwọn ìlà kan yóò sì yọ. Ìgbà yẹn lẹ lè gbé ìka yín. Bí ìka yín bá tutù tàbí tó ní epo tàbí iyẹ̀fun lára, fóònù lè má mọ̀ pé ẹ ṣì ń tẹ̀ ẹ́, yóò sì rò pé ẹ ti gbé ọwọ́. Ẹ nu ọwọ́ yín kí ẹ tó ṣe é.

Ohun tó yọ ni a ń pè ní Schedule send. Nínú àwọn ẹ̀dà kan, Schedule message ni wọ́n kọ. Fóònù yóò ti yan àkókò díẹ̀ sílẹ̀ fún yín, bíi Tomorrow, 8:00 AM, èyí tó túmọ̀ sí aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bá yín lára mu, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ti ṣe tán ní ìdajì. Àmọ́ aago mẹ́jọ ti pẹ́ jù fún Alhaja tí ẹni tí yóò wé gèlè fún un ń bọ̀ ní aago mẹ́jọ. Nítorí náà ìlà tó kẹ́yìn, tí wọ́n kọ Pick date & time sí, ni ìyá tẹ̀.

Kàlẹ́ńdà jáde. Ẹ ó rí i pé wọ́n ti fi àwọ̀ yí ọjọ́ kan po. Ẹ má gbà pé òun ni ọjọ́ tí ẹ ń fẹ́. Ẹ fi ìka yan ọjọ́ yín, kí ẹ sì ka orúkọ ọjọ́ tó wà lókè rẹ̀. Ìyá yan Sátidé, wọ́n tẹ Next. Aago bíríkítí ló tẹ̀ lé e. Wákàtí lẹ ó kọ́kọ́ yàn. Wọ́n tẹ 6, aago sì yí ara rẹ̀ sí ti ìṣẹ́jú, wọ́n tẹ 30.

Mo ní kí wọ́n ka ohun tó wà lójú fóònù fún mi kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú.

"Mẹ́fà, ọgbọ̀n, P, M," ni wọ́n wí.

PM nìyẹn, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ìnáwó á ti parí, Alhaja á ti wọ aṣọ mìíràn, àtẹ̀jíṣẹ́ á wá dé pé kó wá gba léèsì. AM ni ti àárọ̀, PM ni ti ọ̀sán títí wọ alẹ́, àpótí kéékèèké méjèèjì yìí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago náà. Wọ́n tẹ AM, àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ó di 6:30 AM. Bó bá jẹ́ pé oníwákàtí mẹ́rìnlélógún ni aago fóònù tiyín, ẹ kò ní rí AM àti PM rárá. 06:30 ni ti àárọ̀, 18:30 ni ti ìrọ̀lẹ́.

Ìgbà tí AM àti PM máa ń rú àní ẹni tó mọ̀wé lójú ni aago méjìlá. Aago méjìlá òru ni 12:00 AM, méjìlá ọ̀sán ni 12:00 PM. Aago méjìlá òru sì ni ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tuntun, kì í ṣe òpin ti àná. Ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú ọjọ́ ìbí ní òru tí ọjọ́ karùn-ún oṣù ń wọlé, ọjọ́ karùn-ún gan-an ni yóò yàn lórí kàlẹ́ńdà pẹ̀lú 12:00 AM. Bó bá yan ọjọ́ kẹrin, ó ti kí i ní ọjọ́ kan ṣáájú. Èmi máa ń yan 12:01 AM, kí iyèméjì lè kúrò lọ́kàn mi.

Lẹ́yìn aago, ìyá tẹ Next. Fóònù tún fi ọjọ́ àti àkókò hàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì tẹ Save. Ni wọ́n bá gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n ó sùn sí.

Mo ní kò tíì parí o. Save yẹn kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ó kàn so àkókò mọ́ ohun tí ẹ kọ ni. Bí ẹ bá wo òkè àpótí tí ẹ kọ̀wé sí, ẹ ó rí àkókò tí ẹ yàn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yín sì ṣì wà nínú àpótí bí ẹni tó wọṣọ tán tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ní láti tẹ ọfà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ kàn án fẹ́rẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò ní lọ sọ́dọ̀ Alhaja nísinsìnyí. Ó ń wọ inú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láti lọ dúró de aago rẹ̀ ni. Bí ẹ bá pa Messages dé láìtẹ ọfà kejì yìí, ọ̀rọ̀ yín kò ju ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ tí ẹ kò fi ránṣẹ́ lọ, ilẹ̀ á sì mọ́ bá a níbẹ̀. Nínú gbogbo ìgbésẹ̀, òun ni mo rí táwọn èèyàn ń gbàgbé jù.

Ẹ̀rí pé ó ti dúró dáadáa ni àmì aago kékeré kan tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ náà, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò tí yóò lọ. Bí àmì aago kò bá sí níbẹ̀, ẹ má sùn.

Ká ní ọ̀rọ̀ yí padà ńkọ́? Ẹ tẹ àmì aago yẹn. Ohun mẹ́ta ni yóò fi síwájú yín. Update message yóò jẹ́ kí ẹ tún ọ̀rọ̀ kọ tàbí kí ẹ yí àkókò rẹ̀ padà; Send now yóò fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀; Delete message yóò pa á rẹ́, kò sì ní lọ mọ́. Títí di àkókò tí ẹ dá ni ẹ ní àǹfààní yìí. Bó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn.

Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, ìyá aránṣọ ṣì ń hanrun nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ lọ. Èsì Alhaja ló jí wọn: "Ẹ ṣé gan-an. Ṣé ẹ ò tiẹ̀ sùn ni?"

Àwọn fóònù Samsung kan wà tí wọ́n ní Messages tiwọn, tí kì í ṣe ti Google, ìgbésẹ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀. Níbẹ̀, àmì àròpọ̀ (+) tó wà lápá òsì àpótí ìkọ̀wé lẹ ó tẹ̀, kí ẹ wá Schedule message, kí ẹ yan ọjọ́ àti àkókò, kí ẹ tẹ Done, kí ẹ wá fi ọfà rán an. Bí ẹ bá ti mọ ti Google, kò ní ṣòro fún yín.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà kí ìyá tún tó gòkè wá. Ojú wọn kò dùn. Wọ́n ní ọmọ ọ̀dọ̀ tí mo fún wọn kò jẹ́ iṣẹ́. Wọ́n ti dá aago méje àárọ̀ fún àtẹ̀jíṣẹ́ sí oníbàárà kan, wọ́n sì rí àmì aago rẹ̀ kí wọ́n tó sùn. Aago mẹ́sàn-án ni oníbàárà yẹn pè, tó ń bínú pé òun kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìbéèrè tí mo bi wọ́n kò pọ̀. "Ṣé fóònù wà ní títàn ní aago méje?"

Iná kò sí lóru, bátìrì ti ku díẹ̀, ni wọ́n bá pa fóònù kí ó má bàa kú. Ẹ̀yin náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbàgbé láti sọ fún wọn lóru àkọ́kọ́, tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ yékéyéké, ni pé inú fóònù yín gan-an ni àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ń sùn. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, kò tíì dé ibì kankan. Bí aago bá lù, fóònù yín ni yóò dìde fi ránṣẹ́, bí ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín tẹ ọfà. Bó bá kú, kò sẹ́ni tí yóò fi ránṣẹ́. Bó bá wà ní títàn, tí ẹ fi í sí Airplane mode kí ariwo má bàa dí yín lọ́wọ́ oorun, ẹsẹ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ti wà nínú ìdè. Bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá sí nínú ilé yín ní àkókò yẹn, bákan náà ni.

Owó tún ńkọ́? Aago tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá ń lọ ni owó rẹ̀ ń kúrò, kì í ṣe ìgbà tí ẹ kọ ọ́. Bí ẹ bá ní owó káàdì nígbà tí ẹ ń kọ ọ́ lálẹ́, tí ọmọ sì fi fóònù yín pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí owó fi tán, àtẹ̀jíṣẹ́ kò ní owó ọkọ̀ láti fi lọ. Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ wo nọ́ńbà síìmù lára ọfà. Ẹni tó ní owó lórí síìmù kìn-ín-ní, tó wá dá àkókò fún àtẹ̀jíṣẹ́ lórí síìmù kejì tí kò sí kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Bí ìfiránṣẹ́ bá kùnà, ẹ ó rí Not sent lábẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ẹ fi owó sí i, kí ẹ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn láti tún un rán.

Bí fóònù bá kú lákòókò tó yẹ kó fi ránṣẹ́, ẹ má kàn gbà pé yóò dá ara rẹ̀ lọ bí ẹ bá tan fóònù. Ẹ ṣí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó. Bí àmì aago bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì kúrò nílé. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Send now. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ tún un kà: "Ẹ káàárọ̀" tó dé ní aago mẹ́ta ọ̀sán máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n "ẹ wá kí aago mẹ́wàá tó lù" tó dé ní aago mẹ́ta lè dá ìjà sílẹ̀.

Ó tún ku ohun kan tí ń fa ìjákulẹ̀. Àwọn fóònù kan wà tí wọ́n ń ṣọ́ bátìrì jù. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn wọ́n fún wákàtí mélòó kan, wọn a pa ohun tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, Messages náà sì lè bá a lọ. Bí fóònù yín bá wà ní títàn, tí owó wà, tí nẹ́tíwọ̀kì wà, tí àtẹ̀jíṣẹ́ sì ń pẹ́ kó tó lọ tàbí tí kò lọ rárá títí ẹ fi ṣí Messages, ibi tí mo máa ń wò nìyẹn. Ẹ lọ sí Settings, Apps, Messages, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ Battery níbẹ̀, kí ẹ yan Unrestricted. Bátìrì yín lè tán kíá díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ rán an yóò di jíjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ owó, nítorí ẹni tó ń kọ Yorùbá sínú àtẹ̀jíṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí a fi lẹ́tà lásán kọ máa ń gba lẹ́tà 160 lójú ewé kan, àlàfo àti àmì ìdánudúró wà nínú rẹ̀. Àwọn lẹ́tà tí ètò àtijọ́ yẹn mọ̀ kò pọ̀. Ó mọ à, è, é, ì, ò àti ù, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ, ọ àti ṣ, kò sì mọ á, í, ó àti ú. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn tí kò mọ̀ yìí bá wọ inú ọ̀rọ̀ yín, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà ni fóònù yóò gbé lọ sí ọ̀nà mìíràn tí ojú ewé rẹ̀ kò gbà ju 70 lọ. Àmì ohùn tó gun orí ẹ tàbí ọ, bíi ti ẹ́ àti ọ̀, yóò tún gba àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ìyá aránṣọ sí Alhaja, bó ṣe wà lókè, 82 ni mo kà. Ó ti ju 70 lọ, nítorí náà ojú ewé méjì ni, owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì sì ni yóò gbà. Bí wọ́n bá yọ gbogbo àmì rẹ̀ kúrò, 79 ló kù, ojú ewé kan péré, owó kan péré. Èmi kì í yọ àmì kúrò nínú Yorùbá mi, mo gbà láti san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rán ogún oníbàárà níṣẹ́ ní òwúrọ̀ kan náà yẹ kó mọ ìdí tí owó káàdì rẹ̀ fi tán ní àárín ọ̀nà, tí àwọn tó kẹ́yìn fi kọ Not sent. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ RCS message sínú àpótí kí ẹ tó kọ̀wé, dátà ni ọ̀rọ̀ yẹn yóò gbà lọ, kíka lẹ́tà yìí kò sì kàn yín; ohun tí ẹ ó rí i dájú nígbà náà ni pé dátà tàbí Wi-Fi wà ní títàn ní aago tí ẹ dá.

Fún àwọn tó ní ọmọ lókè òkun, aago fóònù tiyín ni ẹ fi ń dá àkókò, kì í ṣe ti ibi tí ọmọ wà. Nàìjíríà kì í yí aago padà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń yí tiwọn. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Èkó jẹ́ ọ̀kan náà; nígbà òtútù, Lọ́ńdọ̀nù fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Ti Houston tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí ó bá jẹ́ aago méjì ọ̀sán lọ́dọ̀ wa, aago méje àárọ̀ ni níbẹ̀ nígbà òtútù, aago mẹ́jọ sì ni nígbà ooru. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ Houston rí ìkíni yín bó ṣe ń jí, 2:00 PM lẹ ó yàn, kì í ṣe 7:00 AM. Ti àárọ̀ yín yóò bá a ní àárín òru.

Kí ẹ tó gbé e lé oníbàárà tàbí àna, ẹ fi ara yín dán an wò lónìí. Ẹ ṣí Start chat, kí ẹ tẹ nọ́ńbà yín fúnra yín. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣókí. Ẹ tẹ ọfà mọ́lẹ̀, kí ẹ yan Pick date & time, kí ẹ fi ọjọ́ òní sí i, kí ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún lé aago tó ń lù lọ́wọ́. Ẹ ka AM tàbí PM rẹ̀ sókè. Ẹ tẹ Save, kí ẹ tẹ ọfà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá àmì aago. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ojú fóònù dé, kí ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé, fóònù yóò dún, ẹ ó sì rí ọ̀rọ̀ yín tó padà wá bá yín, àmì aago yóò sì ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ fi ránṣẹ́.